Dírágónì Tí Wọ́n Ń Pa, Dírágónì Tí Wọ́n Ń Tọrọ Òjò Lọ́wọ́ Rẹ̀

Dírágónì méjì ló wà nínú ọjà Ọ̀yìngbò. Lára ògiri ìsọ̀ kan, wàá rí kálẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì tí Máíkẹ́lì Mímọ́ ti na idà sókè, tó sì fi ẹsẹ̀ tẹ ẹranko abìyẹ́ kan mọ́lẹ̀ lọ́rùn. Rìn díẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta abọ́, wàá rí òmíràn tó ká mọ́ ara fúláàsì omi gbígbóná àti abọ́ tánganran. Ara tirẹ̀ gùn bí ejò, ìwo rẹ̀ dà bí ti àgbọ̀nrín, ó ń lé ohun róbótó kan kiri láàárín ìkùukùu, ẹnikẹ́ni kò sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Orúkọ kan náà la ń pe àwọn méjèèjì. Ti àkọ́kọ́ bá Bíbélì àwọn míṣọ́nnárì wọ ilé wa. Èkejì bá ẹrù Ṣáínà wá.

Àwọn tó ni dírágónì kejì yìí kò jìnnà sí Ọ̀yìngbò mọ́. Ilé-iṣẹ́ CCECC ti Ṣáínà ló kọ́ ojú irin ìlà pupa ti ìpínlẹ̀ Èkó, èyí tó wá láti Agbádó tó sì parí sí Ọ̀yìngbò. Ààrẹ Tinubu ṣí i ní ọjọ́ 29 oṣù Kejì ọdún 2024. Nígbà yẹn, ọdún dírágónì àwọn ará Ṣáínà, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ 10 oṣù kan náà, kò tíì pé ogúnjọ́. Lọ́dún dírágónì yìí ni iye ọmọ tí wọ́n ń bí ní Ṣáínà, tó ti ń já wálẹ̀ lọ́dọọdún láti 2017, gòkè díẹ̀: ó kúrò ní mílíọ̀nù 9.02 ní 2023, ó di mílíọ̀nù 9.54. Ara ohun tó fà á ni pé ọ̀pọ̀ òbí níbẹ̀ gbà pé oríire ni kéèyàn bí ọmọ sínú ọdún náà. Kristẹni tó ń ka ìwé Ìfihàn orí kejìlá ní Màkókó tàbí ní Ẹ̀búté Mẹ́ta yóò rò pé ayé ti bàjẹ́. Dírágónì pupa olórí méje inú orí yẹn, tó dúró síwájú obìnrin tó ń rọbí kó lè pa ọmọ rẹ̀ jẹ, ni òun mọ̀. Kò sì sí ìyá tí yóò fẹ́ kí ọmọ òun bá a tan.

Ìdáhùn tí wọ́n sábà máa ń fún wa ni pé dírágónì òyìnbó burú, ti ìlà oòrùn sì dára. N kò ní pe ìyẹn ní irọ́, ṣùgbọ́n kò jinlẹ̀. Ohun tó pín wọn níyà ju ìwà rere tàbí ìwà ibi lọ ni ọ̀rọ̀ omi. Ẹ bi ìtàn kọ̀ọ̀kan léèrè pé bí wọ́n bá pa ẹranko yìí, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí omi ìlú? Ìdáhùn sí ìbéèrè yẹn ló ń sọ ohun tí dírágónì dúró fún.

Ẹ jẹ́ ká mú ìtàn Jọ́ọ̀jì Mímọ́, nítorí òun ló gbajúmọ̀ jù nínú ti àwọn ará Yúróòpù. Ọmọ ogun Róòmù ni Jọ́ọ̀jì, wọ́n sì gbà pé wọ́n pa á nítorí ìgbàgbọ́ rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 303, ní Lídà ní ilẹ̀ Palẹstínì. Kò sí dírágónì kankan nínú ìtàn ikú rẹ̀ ti àtijọ́. Ó gbà tó 700 ọdún kí wọ́n tó fi dírágónì kún un. Ìwé ìtàn ìgbésí ayé àwọn ẹni mímọ́ tí Jákọ́bù ti Voragine, àlùfáà ará Ítálì, kọ láàárín àwọn ọdún 1260 ló wá tan án ká gbogbo Yúróòpù. Ohun kan sì wà níbẹ̀ tí àwọn èèyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ rántí: ilẹ̀ Áfíríkà ni Jákọ́bù gbé ìtàn náà sí, ní ìlú kan tó pè ní Silene ní Líbíà.

Adágún omi kan wà lẹ́bàá Silene, ó fẹ̀ bí òkun, inú rẹ̀ sì ni dírágónì ń gbé. Èémí ẹnu rẹ̀ ní májèlé débi pé bó bá súnmọ́ odi ìlú, àwọn tó fa afẹ́fẹ́ náà símú á kú. Kí ó má bàa wá, àwọn ará ìlú ń fún un ní àgùntàn méjì lójúmọ́. Nígbà tí àgùntàn kù díẹ̀ kó tán, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní àgùntàn kan àti èèyàn kan, wọ́n sì ń ṣẹ́ gègé láti mọ ẹni tí ó kàn. Lọ́jọ́ kan gègé mú ọmọbìnrin ọba. Ọba fẹ́ fi wúrà àti ìdajì ìjọba rẹ̀ rọ́pò, àwọn èèyàn kọ̀. Wọ́n ní òun ló ṣe òfin náà, ọmọ tiwọn sì ti bá a lọ. Wọ́n wọ ọmọ náà láṣọ bí ìyàwó, ó sì ń lọ sétí omi. Ibẹ̀ ni Jọ́ọ̀jì bá a lórí ẹṣin.

Gbogbo ayé ló mọ̀ pé Jọ́ọ̀jì gún dírágónì ní ọ̀kọ̀. Ohun tó tẹ̀ lé e ni mo fẹ́ kí a wò dáadáa. Kò pa á níbẹ̀. Ó ní kí ọmọbìnrin náà tú ọ̀já ìdí rẹ̀, kó sì dè é mọ́ ọrùn dírágónì. Ẹranko tó ti jẹ ìlú tán wá ń tẹ̀ lé ọmọbìnrin wọ ìgboro bí ajá. Gbogbo ìlú sá. Jọ́ọ̀jì wá sọ fún wọn pé bí wọ́n bá gba Kristi gbọ́ tí wọ́n sì ṣe ìrìbọmi, òun yóò pa á. Ọba àti àwọn èèyàn rẹ̀ ṣe ìrìbọmi tán kí ó tó yọ idà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi màlúù mẹ́jọ wọ́ òkú dírágónì jù sẹ́yìn odi. Ọba kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì síbẹ̀, orísun omi kan sì sun láti abẹ́ pẹpẹ rẹ̀, omi tó ń wo aláìsàn sàn.

Ẹni tó bá ka ìtàn yìí bí ìtàn ọdẹ kò rí ìdí rẹ̀. Ẹ̀sìn àtijọ́ ni dírágónì Silene dúró fún. Ẹbọ tí wọ́n ń rú sí i, gègé tí wọ́n ń ṣẹ́, omi tí wọn kò lè pọn láìbẹ̀rù, gbogbo rẹ̀ ni àlùfáà tó kọ ìtàn náà fẹ́ kí a rí gẹ́gẹ́ bí ìsìn òrìṣà. Ìdí nìyẹn tí ìrìbọmi fi ṣáájú idà. Nígbà tí dírágónì bá sì kú tán, omi tuntun á sun. Dírágónì kò ní omi náà. Ó kàn jókòó tì í ni. Bí o bá lé e kúrò, omi yóò wà fún gbogbo èèyàn, yóò tilẹ̀ mọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nínú Ìfihàn fúnra rẹ̀, odò kan ṣoṣo tó ti ẹnu dírágónì jáde ni èyí tó tú sẹ́yìn obìnrin náà kó lè gbé e lọ, ilẹ̀ ló sì la ẹnu tó gbé e mì. Omi ẹnu dírágónì nínú Bíbélì, omi ikú ni.

Lẹ́yìn omi, wúrà. Nínú ewì Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Beowulf, tí ìwé àfọwọ́kọ kan ṣoṣo tó kù nínú rẹ̀ ti tó nǹkan bí 1,000 ọdún, dírágónì jókòó lé ìṣúra inú ibojì fún 300 ọdún. Kò ná an, kò wọ̀ ọ́, kò tà á. Ẹrú kan yọ́ wọlé, ó jí ife kan ṣoṣo, dírágónì sì tìtorí ife yẹn dáná sun ìletò káàkiri. Beowulf, ọba tó ti lo 50 ọdún lórí oyè, ló jáde sí i, òun àti ẹranko náà sì jọ kú ni. Wọ́n kó ìṣúra náà sínú òkìtì tí wọ́n mọ sórí eérú rẹ̀, kò sì wúlò fún ẹnikẹ́ni títí dòní. Ahun ni dírágónì ibẹ̀: ọrọ̀ tí kò ráyè bọ́ sọ́wọ́ ará ìlú. Àwọn ará Wélsì yà sọ́tọ̀ gedegbe ní apá ibẹ̀. Dírágónì pupa tiwọn, tí ìtàn rẹ̀ ti wà nínú ìwé láti ọ̀rúndún kẹsàn-án, dúró fún orílẹ̀-èdè wọn, ó sì wà lórí àsíá wọn lónìí.

Ní ìlà oòrùn, àwọn ọ̀mọ̀wé Ṣáínà àtijọ́ máa ń to ẹ̀yà ara dírágónì lẹ́sẹẹsẹ: ìwo àgbọ̀nrín, orí ràkúnmí, ọrùn ejò, ìpẹ́ ẹja, èékánná àṣá, àtẹ́lẹsẹ̀ ẹkùn, etí màlúù. Àpapọ̀ gbogbo ẹran ni. Kì í sábà ní ìyẹ́, síbẹ̀ ó ń fò, nítorí ojú ọ̀run ni ibi iṣẹ́ rẹ̀. Mo mọ̀ọ́mọ̀ pè é ní ibi iṣẹ́. Dírágónì Ṣáínà wà lẹ́nu iṣẹ́: ó ń pín òjò, ó ní ọ̀gá, wọ́n sì lè pè é wá jẹ́jọ́.

Ìwé kan wà tí wọ́n kà sí ti Dong Zhongshu, ọ̀mọ̀wé tó gbé ayé ní ọ̀rúndún kejì ṣáájú ìbí Kristi. Ó sọ bí a ṣe ń tọrọ òjò nígbà ọ̀dá, kò sì fi ohunkóhun sílẹ̀ sí ìméfò. Bí ọ̀dá bá dá nígbà ìrúwé, wọn á fi amọ̀ mọ dírágónì ńlá kan tó ní àwọ̀ ewé, gígùn rẹ̀ á tó 60 ẹsẹ̀ bàtà ní òṣùwọ̀n tòní. Wọn á mọ kéékèèké méje tì í, ọ̀kọ̀ọ̀kan á gùn tó ìdajì ńlá náà, gbogbo wọn á sì kọjú sí ìlà oòrùn. Àwọn ọmọdékùnrin mẹ́jọ á gbààwẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, wọn á wọ aṣọ aláwọ̀ ewé, wọn á sì jó níbẹ̀. Wọn á ti ìlẹ̀kùn odi ìlú tó wà ní gúúsù, torí pé ibẹ̀ ni ooru ti ń wọlé. Wọn á ṣí ti àríwá, ibi tí ọ̀rinrin ti ń bọ̀. Bó bá jẹ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni, àwọ̀ á di pupa. Bó bá jẹ́ ìgbà ìkórè, á di funfun. Nígbà òtútù, dúdú. Gígùn dírágónì àti iye àwọn oníjó náà ń yí padà pẹ̀lú àsìkò.

Ohun tó wà lẹ́yìn gbogbo èyí ni ìgbàgbọ́ pé ohun tó jọra ń fa ara wọn. Bí dírágónì amọ̀ bá jókòó sílẹ̀, ti òkè á rí ojúgbà rẹ̀, á sì sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú òjò. Ṣùgbọ́n tí òjò kò bá rọ̀ ńkọ́? Ní ọ̀pọ̀ ìgbèríko Ṣáínà, títí wọ ọ̀rúndún tó kọjá, wọ́n á gbé ère Ọba Dírágónì jáde kúrò nínú ilé òrìṣà rẹ̀, wọ́n á sì gbé e sínú oòrùn gangan kí òun náà lè mọ bí ooru ṣe ń ṣe àgbẹ̀. Ẹni tó gbọ́ Yorùbá kò ní rí ìyẹn bí ohun àjèjì, àwa tí a ń sọ fún òrìṣà pé bí kò bá lè gbè wá, kó ṣe wá bó ṣe bá wa.

Ìtàn kan nínú ìwé Ìrìnàjò sí Ìwọ̀ Oòrùn, ìwé ìtàn Ṣáínà tí wọ́n tẹ̀ ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, fi ìdí ọ̀rọ̀ yìí múlẹ̀ ju gbogbo àlàyé lọ. Ọba Dírágónì odò Jing bá babaláwo kan ta tẹ́tẹ́ lórí òjò ọ̀la. Babaláwo náà sọ wákàtí tí òjò yóò rọ̀, ó sì sọ pé yóò jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, íǹṣì mẹ́ta àti ẹ̀kán 48. Bí dírágónì ṣe délé ni àṣẹ ọ̀run dé, ohun tí babaláwo sọ gẹ́lẹ́ ló sì wà nínú rẹ̀. Kí ó lè jẹ tẹ́tẹ́, dírágónì fi òjò náà falẹ̀, ó sì yọ íǹṣì mẹ́ta àti ẹ̀kán mẹ́jọ kúrò nínú rẹ̀. Wọ́n dá ẹjọ́ ikú fún un. Ó bẹ ọba ilẹ̀ Ṣáínà kó bá òun dá sí i, ọba sì gbà, ṣùgbọ́n ìjòyè ọba, Wei Zheng, sùn lọ nídìí ayò, ó sì bẹ́ ẹ lórí lójú àlá. Ẹ wò ó dáadáa: dírágónì kú nínú ìtàn yìí bíi ti Silene, orí tó já sì já wálẹ̀ láti ojú ọ̀run. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni pé ó jí lára òjò aráàlú. Ẹ̀ṣẹ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba tó gé owó iṣẹ́ ni. Ipò rẹ̀ kò kú pẹ̀lú rẹ̀; ẹlòmíràn ni yóò gba odò náà, òjò á sì máa rọ̀ lọ.

Nítorí pé òjò ni ìpìlẹ̀ oúnjẹ, ẹni tó bá lè sọ pé òun àti dírágónì jọ ń ṣiṣẹ́ ni ọba. Bí dírágónì ṣe di àmì ààfin nìyẹn. Ẹlẹ́ẹ̀kánná márùn-ún ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ọba, àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀ sì ń lo ẹlẹ́ẹ̀kánná mẹ́rin. Ó wà lórí àsíá ìjọba láti 1889 títí tí ìjọba ọba fi wó ní 1912.

Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ìlà oòrùn kò mọ ẹranko tó ń jẹ ọmọ èèyàn. Gan Bao, òpìtàn ààfin ní ọ̀rúndún kẹrin, kọ ìtàn ejò ńlá kan tó wà nínú ihò àpáta ní gúúsù Ṣáínà, tó ń gba ọmọbìnrin ọlọ́dún méjìlá tàbí mẹ́tàlá lọ́dọọdún. Mẹ́sàn-án ti lọ. Li Ji, àbíkẹ́yìn nínú ọmọbìnrin mẹ́fà, sọ fáwọn òbí rẹ̀ pé òun fẹ́ lọ. Wọ́n kọ̀, ó bá yọ́ jáde. Ó gba idà tó mú àti ajá tó mọ ejò í bù jẹ. Ó po ìrẹsì mọ́ oyin, ó sì gbé e sẹ́nu ihò. Òórùn oyin fa ejò jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun, ajá bù ú láti iwájú, Li Ji sì ṣá a láti ẹ̀yìn títí ó fi kú. Lẹ́yìn náà ló wọ inú ihò lọ kó agbárí àwọn mẹ́sàn-án tó ṣáájú rẹ̀ jáde. Ọba fi í ṣe olorì.

Gègé Silene àti ihò Li Ji fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìtàn kan náà, àfi pé ọmọbìnrin Ṣáínà kò dúró de ẹlẹ́ṣin. Ṣùgbọ́n ejò lásán ni Gan Bao pe ẹranko yẹn, kò pè é ní dírágónì, bẹ́ẹ̀ ni kò pín òjò fún ẹnikẹ́ni. Àwọn ará Japan náà ní ejò olórí mẹ́jọ, Yamata no Orochi, nínú ìwé Kojiki ti ọdún 712: ó ti jẹ ọmọbìnrin méje, òrìṣà Susanoo sì fi ọtí ìrẹsì mú un sùn kó tó gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Nítorí náà, ìlà oòrùn pín ẹranko yìí sí méjì, ó fi oyè fún èyí tó ń ṣiṣẹ́, ó sì pa apanijẹ. Yúróòpù kó méjèèjì pọ̀ sábẹ́ ọ̀kọ̀ kan.

Ìyàtọ̀ náà hàn jù lọ nínú ohun tí wọ́n fi egungun ṣe. Ní ìlú Klagenfurt ní Ọ́síríà, wọ́n wú agbárí ńlá kan jáde ní nǹkan bí ọdún 1335, wọ́n ní ti dírágónì tí àwọn baba ńlá wọn pa ni. Wọ́n fi pa mọ́ gẹ́gẹ́ bí àmì ìṣẹ́gun. Ère dírágónì tí wọ́n gbẹ́ ní nǹkan bí 1590, tó ṣì wà láàárín ìgboro náà, orí rẹ̀ ni wọ́n wò gbẹ́ ẹ. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni onímọ̀ kan wò ó fínnífínní, ó sì sọ pé agbárí àgbáńréré onírun ti ìgbà òtútù àtijọ́ ni.

Ní Ṣáínà, bí àgbẹ̀ bá wú egungun àtijọ́, ó di èròjà oògùn. Egungun dírágónì ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ń lọ̀ ọ́ kúnná fún aláìsàn, bí àwọn tó ń ta àgbo ṣe ń lọ egbò àti èèpo igi fún oníbàárà wọn. Ní abúlé Xiaotun nítòsí Anyang, àwọn àgbẹ̀ ń rí egungun tí wọ́n fín nǹkan sí lára, wọ́n á sì ha ìlà náà kúrò nítorí pé oníṣègùn kò fẹ́ èyí tí nǹkan wà lára rẹ̀. Ní 1899, ìjòyè kan tó ń jẹ́ Wang Yirong rí i pé ìwé ni ohun tí wọ́n ń ha dànù. Ìwé Ṣáínà tó lọ́jọ́ lórí jù tí a mọ̀ ni, wọ́n fín in sára egungun màlúù àti ìpahun ìjàpá láti fi wádìí ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ àwọn baba ńlá ní ohun tó lé ní 3,000 ọdún sẹ́yìn. Lára ohun tí wọ́n ń béèrè níbẹ̀ léraléra ni bóyá òjò yóò rọ̀. Yúróòpù gbé egungun dírágónì kọ́. Ṣáínà gbé e mu.

Àwa tí a wà ní etí òkun yìí ńkọ́? Òṣùmàrè wa, ejò aláràbarà tó so ayé mọ́ ọ̀run, sún mọ́ ti ìlà oòrùn ju ti Silene lọ. Àwọn àgbà sì ní ẹni tó bá rí imí òṣùmàrè di olówó nìyẹn. Ọrọ̀ tó ń bọ́ sílẹ̀ fún èèyàn kọ́ ni ọrọ̀ tí dírágónì Beowulf sùn lé. Ní Dàhòmì, Dan Ayidohwedo ká mọ́ abẹ́ ayé, òun ló gbé e dúró. Bí ebi bá pa á tí kò sì rí irin jẹ mọ́, á gé ìrù ara rẹ̀ jẹ, ayé á sì yọ̀ bọ́ sínú òkun. Ẹni tó bá gbà bẹ́ẹ̀ kò ní gbé ọ̀kọ̀ tì í.

Ní Ouidah, òjòlá ni wọ́n ń bọ ní orúkọ Dangbe. William Bosman, oníṣòwò ará Dọ́ọ̀ṣì tó kọ̀wé nípa etíkun yìí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kejìdínlógún, sọ pé ní 1697 ẹlẹ́dẹ̀ kan jẹ ọ̀kan nínú àwọn ejò náà, ọba sì pàṣẹ pé kí wọ́n pa gbogbo ẹlẹ́dẹ̀ ilẹ̀ náà. Ó sọ bákan náà pé nígbà ọ̀dá tàbí àkúnya òjò, Dangbe ni wọ́n ń lọ bẹ̀. Lónìí, tẹ́ńpìlì òjòlá yẹn àti ṣọ́ọ̀ṣì ńlá àwọn Kátólíìkì, tí wọ́n kọ́ láàárín 1903 sí 1909, kọjú síra wọn ní Ouidah, ojú títì ló là wọ́n láàárín. Ìlóyún Àìlábàwọ́n ni orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì náà. Nínú àwòrán àwọn Kátólíìkì, ẹni tí wọ́n fún ní orúkọ yẹn ni Màríà tó fi ẹsẹ̀ tẹ ejò lórí mọ́lẹ̀.

Láti Pọ́tónóvò, nítòsí ibẹ̀, ni ìjọ Sẹ̀lẹ́ṣíà ti wá ní 1947, Màkókó ló sì fi ṣe oríkò ní Nàìjíríà kó tó kọjá sí Kétu. Ìjọ Kérúbù àti Séráfù ti ṣáájú rẹ̀ ní Èkó láti 1925. Àwọn méjèèjì fi Máíkẹ́lì ṣe balógun, ìdí sì nìyẹn tí àwòrán rẹ̀ fi pọ̀ lágbègbè wa. Mo ti gbọ́ ìwàásù tó ní kí àwọn èèyàn kó abọ́ alápẹẹrẹ dírágónì dànù nílé. Mo bọ̀wọ̀ fún ìgbàgbọ́ tó mú oníwàásù sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹranko tó wà lára abọ́ kọ́ ni Jòhánù rí. Bí o bá rí ìyẹ́ bí ti àdán, iná lẹ́nu àti ọ̀kọ̀ ẹni mímọ́ nítòsí, ti Silene ni. Bí kò bá ní ìyẹ́, tí ìkùukùu tàbí ìgbì omi yí i ká, tó sì ń lé ìlẹ̀kẹ̀ róbótó, olùpín òjò ni. Ibi tí èèyàn ti lè ṣìnà ni àwòrán sinimá àti géèmù òde òní, tí wọ́n ti fi orí ọ̀kan gbé ọrùn èkejì.

Ìtàn kan wà ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tó gbé dírágónì méjèèjì sínú ara kan. Ìtàn Wagadu ni, ìjọba àwọn Soninke tí ayé mọ̀ sí Gánà àtijọ́. Àwọn arọ́kin wọn ní ejò ńlá kan tó ń jẹ́ Bida ló bá baba ńlá wọn dá májẹ̀mú: òun yóò fún wọn ní òjò àti wúrà, àwọn yóò sì fún òun ní wúńdíá tó lẹ́wà jù lọ́dọọdún. Wọ́n mú májẹ̀mú náà ṣẹ láti ìran dé ìran, Wagadu sì lówó. Nígbà tó kan Sia, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Mamadi nínú ọ̀pọ̀ ìtàn náà, pọ́n idà rẹ̀, ó sì lúgọ sẹ́nu kànga Bida. Bí ejò ṣe yọ orí ló bẹ́ ẹ.

Títí débí, ìtàn Jọ́ọ̀jì la ń gbọ́. Ṣùgbọ́n orí tó já náà fò lọ, ó sì gégùn-ún bó ṣe ń lọ: ọdún méje, oṣù méje àti ọjọ́ méje láìsí òjò, láìsí wúrà. Ó lọ bọ́ sí apá Bambuk àti Bure, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń wa wúrà láti ìgbà náà. Ní Silene, bí dírágónì ṣe kú ni omi sun. Ní Wagadu, bí Bida ṣe kú ni omi gbẹ. Inú àwọn ará ìlú kò dùn sí Mamadi. Wọ́n gun ẹṣin lé e, nínú ọ̀pọ̀ ìtàn náà ìbátan rẹ̀ tí ẹṣin tirẹ̀ nìkan lè bá a mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó sá lọ, ìyá rẹ̀ sì ní láti tu ìlú nínú pé òun yóò bọ́ wọn nígbà ìyàn. Níkẹyìn, àwọn Soninke tú ká.

Àwọn awalẹ̀pìtàn bẹ̀rẹ̀ sí í wa ilẹ̀ ní 1914 ní Kumbi Saleh, ní gúúsù Mauritania, níbi tí ọ̀pọ̀ gbà pé olú ìlú Gánà wà. Wọ́n bá ilé olókùúta àti mọ́sálásí ní ilẹ̀ tó ti gbẹ táútáú báyìí, tí iye èèyàn tí ìlú bẹ́ẹ̀ gbà kò lè rí omi mu níbẹ̀ mọ́. Àwọn òpìtàn ń fi ogun àti ọ̀nà òwò tó yí padà ṣàlàyé bí ìjọba náà ṣe wó, wọ́n sì ń ka ilẹ̀ tó ń gbẹ mọ́ ọn. Wúrà Bambuk àti Bure náà wà lóòótọ́, gúúsù ni wọ́n sì wà sí Wagadu, níbi tí òjò ti ń rọ̀ jù. Ìtàn Bida ti ní ìdí gbogbo ìyẹn nínú kí ẹnikẹ́ni tó gbé ṣọ́bìrì débẹ̀, kò sì purọ́ nípa ohun tí májẹ̀mú náà ná àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n fi san án.